Ìyá ọkọ mi ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú: ta ló yẹ kó dá wọn lóhùn?

Àbíkẹ́yìn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó, a kò tíì bímọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá ọkọ mi máa ń pe fóònù oníàwòrán, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin á sì jókòó tì wọ́n. Ọkọ mi á kí wọn tán, á na fóònù sí mi, á bọ́ sí yàrá. Ìbéèrè wọn kò yí padà rí: "Ìyàwó wa, ṣé kò tíì sí nǹkan kan?" Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gba ọ̀rọ̀ sọ, á ní kí n dín iṣẹ́ kù, pé owó ni mò ń lé kiri.

Ohun tí wọn kò mọ̀ nìyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi ti ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, oṣù mẹ́ta síra wọn. Dókítà ní ó kéré tán, ó yẹ kí irúgbìn tó mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan. Ti ọkọ mi jẹ́ mílíọ̀nù 3 nígbà àkọ́kọ́, ó di 4 nígbà kejì. Wọ́n yẹ èmi náà wò títí, wọn kò rí nǹkan kan. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ṣèlérí fún un.

Ní báyìí, ìyá rẹ̀ fẹ́ wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Oṣù tí wọ́n ń bọ̀ gan-an ni dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí wọ́n á gba ẹyin mi jáde kí wọ́n lè pa á pọ̀ mọ́ irúgbìn ọkọ mi níta ara. Kí ni kí n máa sọ lọ́jọ́ Àìkú tí n kò fi ní tú àṣírí ọkọ mi, tí n kò sì ní dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́?

Bàbá Òru
Àbúrò mi, má dààmú. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ gba abẹ́rẹ́ hòmónù ọkùnrin, ara rẹ̀ le koko, ó ń sáré bí ọmọ ogún ọdún. Kí ọkọ rẹ wá a gbà. Bí oyún bá ti dé, ta ló tún fẹ́ bi yín ní ìbéèrè?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Bàbá Òru, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn, abẹ́rẹ́ yẹn sì ń ba ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe jẹ́ ni. Bí hòmónù bá ti ń wọlé láti ìta, ọpọlọ á gbà pé ó ti tó, kò ní ránṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́. Ara ọkùnrin náà lè le lóòótọ́, ṣùgbọ́n irúgbìn inú àtọ̀ rẹ̀ á máa dín, ó tiẹ̀ lè tán. Bí ó bá dá a dúró, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó padà, ti ẹlòmíràn ju ọdún kan lọ. Ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín bóyá ó ṣì fẹ́ bímọ.

Àbíkẹ́yìn, ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti sábà ń wọ́ ni pé ẹni tí kò yẹ ló ń dáhùn. Wọ́n ń bi ìwọ nítorí pé ìwọ ni wọ́n na fóònù sí. Bí ìyàwó bá ní "ẹ má bi mí mọ́", ẹnu líle ni wọn á pè é. Ọmọ wọn ló lè sọ ọ́ tí kò ní di ìjà. Kí ó pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Àìkú, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí nítòsí, kí ìwọ náà má sí níbẹ̀. Ohun tí yóò sọ kò ju èyí lọ: "Mọ́mì, a ti rí dókítà, ìtọ́jú ń lọ. Ìṣòro yìí kò ti ọ̀dọ̀ ìyàwó mi wá. Bí nǹkan bá wà láti sọ, èmi fúnra mi ni n ó pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ máa bi, ẹ má bi òun mọ́."

Bí wọ́n bá tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kó má yí i. Gbogbo àlàyé tuntun ló ń bí ìbéèrè tuntun. Ní ọjọ́ Àìkú, òun ni kó di fóònù mú títí wọn á fi dágbére. Kí ìwọ kàn kí wọn.

Ẹlẹ́rìn-ín
Ẹ̀yin náà ń fọ̀rọ̀ yí po. Kí ó sọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n dákẹ́. Tàbí kí dókítà bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn àgbà kì í bá dókítà jiyàn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Òótọ́ ni pé àgbà máa ń gbọ́ ti dókítà. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò ọkùnrin náà fún ìyá rẹ̀ àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Bí ó bá sì ti lè yọ̀ǹda, ó ti lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀ náà nìyẹn.

Kò pọn dandan kí wọ́n gbọ́ iye. Ara rẹ̀ ni, àṣírí rẹ̀ ni. Àmọ́ kí ènìyàn pa àṣírí mọ́ yàtọ̀ sí kí ó jẹ́ kí irọ́ máa rìn lórí ẹlòmíràn. Ó ní ẹ̀tọ́ láti má sọ ohun tí dókítà rí. Kò ní ẹ̀tọ́ láti wà nínú yàrá kí wọ́n máa pe ìyàwó rẹ̀ ní àgàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ki gbólóhùn kejì yẹn bọ̀ ọ́.

Ẹyẹ Òkè
Èmi ni ọkọ nínú irú ìtàn yìí, mo sì jẹ́ kí ìyàwó mi rù ú fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan fóònù wà lórí sípíkà, àbúrò màmá mi ò mọ̀ pé mo ń gbọ́, wọ́n ní kí ìyàwó mi bọ́ sẹ́yìn kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú. Mo gba fóònù. Mo ní, "Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n ní lọ́wọ́ ta ni? Mo ní, "Mo ti sọ ìwọ̀n tí mo lè sọ." Màmá mi kò pè mí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí wọ́n pè, ìyàwó mi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, wọ́n ní báwo ni ara rẹ̀. N kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí gbogbo ẹbí nígbà yẹn. Ojú tì mí.

Àṣìṣe tí mo fẹ́ kí o yẹra fún ni ti ọjọ́ ìtọ́jú. A sọ ọjọ́ tí wọ́n máa fi ọlẹ̀ sínú ìyàwó mi. Láti ọjọ́ yẹn dé ìgbà tí wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹrin ni ìpè ti bẹ̀rẹ̀: ṣé ó ti dúró? Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wá, ènìyàn mọ́kànlá ni a ní láti pè lọ́kọ̀ọ̀kan ká sọ pé kò dúró. Ìyàwó mi ń tu ẹlòmíràn nínú lórí àdánù tirẹ̀. Ìgbà kejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló mọ̀ pé ìtọ́jú ń lọ, òun náà kò mọ ọjọ́. Òun ló ń bá wa dá àwọn yòókù lóhùn.

Àbíkẹ́yìn
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti ìbẹ̀wò màmá ńkọ́? Mo ti bá ọkọ mi kọ èyí tó máa fi ránṣẹ́: "Mọ́mì, ẹ má bínú, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wa, yàrá kejì kò tíì ṣeé sùn, otútù sì máa mú jù, bóyá kí ẹ sún un síwájú díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ìdí mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, màmá á sì rí ojútùú sí gbogbo wọn. Wọ́n á ní àwọn yóò máa se oúnjẹ fún yín, àwọn yóò sùn ní pálọ̀, àwọn ní ẹ̀wù òtútù. Ẹ̀yin náà á wá ní láti gbà. Kí ó kọ ọ́ báyìí: "Mọ́mì, oṣù yẹn kò ní rọrùn fún wa. Ẹ jẹ́ ká fi sí ìparí oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni n ó ra tíkẹ́ẹ̀tì." Ìdí kankan kò sí ńbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tú. Oṣù kan pàtó ló wà níbẹ̀ dípò "díẹ̀", torí náà kò jọ pé ẹ ń sá fún wọn.

Má sì gbà kí wọ́n bá ìtọ́jú yẹn nílé. Ìwọ yóò máa gún abẹ́rẹ́ sí ikùn lójoojúmọ́, ní bí wákàtí kan náà, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá. Oògùn mìíràn á wà nínú fíríìjì, ikùn rẹ á wú, wọ́n á sì máa pè ọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù wá wo bí ẹyin ṣe ń dàgbà. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn sí ilé kan á mọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá Òru
Nọ́ọ̀sì, mo bi ọ̀rẹ́ mi tó gba abẹ́rẹ́ yẹn o. Ó ní ìyàwó òun náà ti ń dààmú láti ọdún tó kọjá. Mo ti ní kó lọ rí dókítà.

Àbíkẹ́yìn
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n padà wá jíhìn. Màmá gbà láti sún ìbẹ̀wò síwájú, wọ́n kàn béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì máa jẹ́. Ọkọ mi sì ń di fóònù mú lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n kò lè sọ gbólóhùn kejì yẹn. Ó ní lọ́gán tí òun bá ní kò ti ọ̀dọ̀ mi wá, gbogbo ayé ti mọ ibi tó ti wá nìyẹn. "Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni" ló sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dín ariwo kù, àmọ́ ó ṣì fi àwòrán ọmọ tuntun ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ òní, kò kọ nǹkan kan sí i.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ó ní òye nínú ohun tí ọkọ rẹ sọ yẹn, n kò lè bá a jiyàn. "Àwa méjèèjì" kì í ṣe irọ́, ìwọ àti òun lẹ jọ ń gba ìtọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jọ fẹnu kò sí ni pé, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún dárúkọ rẹ, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ náà?

Ẹyẹ Òkè
Èmi ò gbà. "Àwa méjèèjì" ni èmi náà fi ọdún mẹ́ta sọ. Obìnrin nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn
Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín. Màmá tèmi pè lánàá, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé bí ọkọ mi kò bá lè dáàbò bò mí. Inú bí mi, mo sì ní, "Mọ́mì, kì í ṣe èmi." Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní ó ti yé àwọn. N kò tíì sọ fún ọkọ mi pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ti yẹ àdéhùn?

Ẹlẹ́rìn-ín
O ti yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ìbá ti yẹ̀ ẹ́ láti ọdún kejì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Sọ fún un lálẹ́ òní, kí màmá rẹ tó pe tirẹ̀.