Orúkọ wo ló yẹ inú ẹran tó wú lẹ́yìn ewé tútù?

Akọ̀wé ètò rédíò, Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ètò fún àwọn tó ń sin màlúù àti ewúrẹ́. Tí òjò bá rọ̀ tán, tí ẹran lọ jẹ ewé tútù, tí inú rẹ̀ wá wú títí tó fi kú, kí ni ká máa pè é? Ṣé "ìwúkùn" dára? Kí sì ni kí n ní kí ẹni tó ni ẹran kọ́kọ́ ṣe?

Dókítà ẹran, Ìbàdàn

"Ìwúkùn" ò burú, àmọ́ ikùn ẹran lè wú nítorí oyún, ó lè wú nítorí aràn. "Àìgùfẹ̀" ni èmi fara mọ́. Ṣàkì tí àwọn alápatà ń tà yẹn ni ibi tí koríko ti ń kan nínú ẹran, afẹ́fẹ́ sì ń tibẹ̀ jáde tọ̀sán-tòru. Ẹ dúró ti màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń gùfẹ̀ léraléra. Bí gùfẹ̀ bá ti dúró, ewu dé nìyẹn.

Ewé ẹ̀wà àti àwọn ewé bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, tí omi ṣì wà lára wọn, máa ń tètè kan. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara wọn jáde kì í parapọ̀, ṣe ló máa ń há sínú ìhó wẹ́wẹ́. Ẹran kò lè gùfẹ̀ ìhó. Ìhó á wá máa pọ̀ sí i, á tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀, ẹran á sì kú nítorí pé kò rí èémí mí. Ó lè má tó wákàtí mélòó kan.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́

Dókítà, mo gbà pé òtítọ́ ni, àmọ́ ta ni ń ṣọ́ gùfẹ̀ ewúrẹ́? Ohun tí ojú rí ni ará oko máa ń fi sọ àìsàn lórúkọ. Inú ló rí tó wú. "Inú ẹran wú" ni wọ́n ń sọ láti ìgbà pípẹ́, ẹ sì fẹ́ gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ dúró síbi tí ojú dé.

Dókítà ẹran, Ìbàdàn

Ojú náà ni mo fẹ́ kí wọ́n lò o, Olùkọ́, ṣùgbọ́n kó mọ ibi tí yóò wò. Ẹ dúró sẹ́yìn ẹran, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì. Kòtò kan wà láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Lára ẹran tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń jìn díẹ̀. Bí àìsàn yìí bá bẹ̀rẹ̀, kòtò yẹn á kún, á wá yọ sókè ju egungun ẹ̀yìn lọ. Bí ẹ bá fi ìka ta á, á dún bí ìlù. Bó bá wá le, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà á wú, ẹran á la ẹnu, á na ọrùn, á yọ ahọ́n síta.

Ìyá tó ń sin ewúrẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti pa ẹran mi rí. Ewúrẹ́ mi já okùn, ó wọ ilé, ó jẹ àgbàdo tí mo rẹ sínú omi fún ògì, ó jẹ ẹ́ yó. Inú rẹ̀ wú. Mo fún un ní òróró, kò ṣiṣẹ́. Ó yàgbẹ́ gbuuru, ó kú lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ má sọ fún wọn lórí rédíò pé òróró ń wò ó.

Dókítà ẹran, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Àìsàn mìíràn nìyẹn. Àgbàdo àjẹjù máa ń sọ inú ṣàkì di kíkan ṣáá, omi ló sì máa ń kún inú ẹran bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí orúkọ kan ṣoṣo kò fi tó fún gbogbo inú tó wú. Ìhó ni òróró ń pa. Kò lè mú kíkan kúrò.

Àgbẹ̀ kan, Ṣakí

Ẹ ń fi ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀bẹ ni tiwa. Ẹ gún un ní kòtò òsì yẹn, afẹ́fẹ́ á tú jáde, ẹran á dìde. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é.

Dókítà ẹran, Ìbàdàn

Ibi tí ẹ ní kí wọ́n gún yẹn tọ̀nà, bàbá, òótọ́ sì ni pé ó ti gba ẹran là rí. Ẹran tó ti ṣubú, tó ń kú lọ, tí dókítà kò sì sí nítòsí, ni ọ̀ràn rẹ̀ dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìhó, ojú ọgbẹ́ kékeré á dí lójú ẹsẹ̀, kò ní tú. Ohun tó wà nínú ṣàkì tún lè dà sínú ikùn, kí ẹran yè lónìí, kó kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti abo màlúù kan tí wọ́n pè mí sí. Wọ́n so òun àti àwọn màlúù yòókù mọ́lẹ̀ di àárọ̀ láìjẹun, òjò rọ̀ lóru, wọ́n sì dà wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀wà kọjá kí ìrì tó gbẹ. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́ wàdùwàdù. Kí n tó dé, èyí ti ń fi ẹsẹ̀ ta ikùn, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde. Ọmọkùnrin tó ń dà wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò nínú oko, ó sì ti mú un dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iwájú lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ìyẹn ló fún un láyè mí.

A dábùú igi sí i lẹ́nu, a fi okùn dè é sẹ́yìn ìwo, kó lè máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí itọ́ sì máa wọlé. A wá fún un ní òróró ẹ̀pà, ìgò omi kékeré kan tó gba ìdajì lítà. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni a gbà dà á, díẹ̀díẹ̀, a kò sì gbé orí rẹ̀ sókè. Bó bá wúkọ́, ẹ dáwọ́ dúró, nítorí òróró tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró á pa á. Lẹ́yìn náà a fi ìkúùkù tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ léraléra, a ń mú un rìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gùfẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò dá a dúró.

Fún ewúrẹ́ kéékèèké ilé wa, 50 mílílítà tó. Èyí tó tóbi lè gba 100. Ẹ má lo kẹrosíìnì o, ẹ má lo ọ́ìlì mọ́tò.

Ìyá tó ń sin ewúrẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Epo pupa ńkọ́? Òun ló wà nílé gbogbo wa.

Dókítà ẹran, Ìbàdàn

Bí kò bá sí òmíràn, ẹ lò ó, kó má dì. Òróró ẹ̀pà ni mo fẹ́ràn jù.

Akọ̀wé ètò rédíò, Ìṣẹ́yìn

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti ronú sí "ìwúkùn oníhòó" fún èyí tí ewé tútù ń fà, kí n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyá.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́

Lórí rédíò, ẹlòmíràn á gbọ́ "oníhò", á rò pé ṣàkì ẹran ti lu. Kí àgbẹ̀ wa ti Ṣakí má tún lọ yọ ọ̀bẹ. "Ìwúkùn ewé tútù" ni kó o sọ.

Dókítà ẹran, Ìbàdàn

Ìyẹn náà ní àbùkù, torí inú ẹran tí kóró máńgòrò há sí lọ́fun máa ń wú bákan náà, láìjẹ ewé tútù kankan, òróró kò sì ní yọ kóró náà. Mi ò tíì gbà pẹ̀lú yín lórí orúkọ. Àmọ́ ẹ fi èyí kún ètò náà: láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀wà gbígbẹ jẹ, kí ìrì gbẹ kí ẹ tó dà wọ́n jáde.