Àbájáde ọ̀rọ̀ owó orí mi: iṣẹ́ méjì nínú ọdún 2026

Ìbéèrè mi nìyí: “Mo fi iṣẹ́ Adó sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà, mo bọ́ sí ti Ìkẹ́rẹ́ ní oṣù keje, ibi méjèèjì ló sì yọ owó orí mi. Ṣé wọn yóò dá owó padà ni, àbí èmi ni n ó san kún un?”

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tó ní kí n gba gbogbo ohun tí Ìkẹ́rẹ́ yọ padà kò ṣìnà pátápátá: owó ń bọ̀, kò kàn tó bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe akápò rí ló ní kí n kó ìwé owó oṣù jọ.

Lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì, Adó san 200,000 náírà lóṣù, Ìkẹ́rẹ́ san 300,000. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà, àpapọ̀ 3,000,000. Òfin kò gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì wà lórí 2,200,000 tó kù: 330,000. Ṣùgbọ́n Adó yọ 20,000 lóṣooṣù, Ìkẹ́rẹ́ yọ 36,500, nítorí wọ́n ṣírò bí ẹni pé láti oṣù kìíní ni mo ti ń gba 300,000, apá kan sì bọ́ sí ìdá 18. Àpapọ̀ jẹ́ 339,000. 9,000 ló lé.

Bí Ìkẹ́rẹ́ bá ti ka oṣù mẹ́fà tiwọn sí odidi ọdún, tí wọ́n tún yọ̀ǹda 800,000 fún mi, 25,000 péré ni wọn ìbá máa yọ, èmi ni ìbá sì jẹ 60,000. Bóyá owó ọwọ́ ni wọn yóò dá padà, tàbí wọn yóò fi dín ti ọdún tó ń bọ̀ kù, ìyẹn kò tíì yanjú.