Ìwọ̀n tí wọn ò kọ sórí àwòrán: báwo lẹ ṣe ń mọ àyè tó wà fún un?

Ọmọ Ṣáàfù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo gé ṣáàfù kan tó ní apá méjì, ọ̀kan nípọn, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́. Òpin méjì ni wọ́n kọ fún gígùn gbogbo rẹ̀: 80.2 lókè, 79.8 nísàlẹ̀. Fún apá tó nípọn, 50 nìkan ni wọ́n kọ. Wọn ò kọ gígùn kankan sí apá tó tẹ́ẹ́rẹ́. ISO 2768-m, ìlànà tó ń sọ àyè, ìyẹn bí ìwọ̀n ṣe lè fi yàtọ̀ tó, ló wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò gbé kálípà, ó bá 29.7 lápá tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kò gbọdọ̀ dín sí 29.8, ló bá dá a padà. Bẹ́ẹ̀ apá tó nípọn jẹ́ 50.2, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 79.9. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?

Bàbá Tọ́nà: Àbúrò, ẹni yẹn ò jẹ̀bi. Yọ 50 kúrò nínú 80, ó ku 30. Wo tábìlì m: ohun tó ju 6 lọ títí dé 30, ±0.2 ni. Nítorí náà, 29.8 sí 30.2. Bí mo ṣe ń ṣe é látọjọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó bá mi jà.

Ìyá Kálípà: Bàbá, ẹ má bínú. Tábìlì yẹn wà fún ìwọ̀n tí wọ́n kọ tí wọn ò fi àyè sí. 50 nìyẹn. Wọn ò kọ 30 síbì kankan, àwa la ṣírò rẹ̀. Ohun tí méjì yòókù bá fún un ló máa gbà.

50 ju 30 lọ, kò dé 120, nítorí náà ±0.3 ni tirẹ̀: 49.7 sí 50.3. Ó ku ká wá ìgbà tí apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa gùn jù. Ìyẹn ni ìgbà tí gbogbo ṣáàfù bá gùn jù tí apá tó nípọn sì kúrú jù: 80.2 − 49.7 = 30.5. Ìgbà tó máa kúrú jù ni òdìkejì rẹ̀: 79.8 − 50.3 = 29.5. Odindi mìlímítà kan ni àyè rẹ̀. 29.7 yín wà láàárín.

Nígbà tí èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n yọ òkè kúrò nínú òkè, ìsàlẹ̀ kúrò nínú ìsàlẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀: 29.9 àti 30.1. Ó dùn-ún wò, àmọ́ irọ́ ni. 0.4 ni àyè gígùn gbogbo rẹ̀, 0.6 ni ti 50, báwo ni ti èyí tó ti ara wọn jáde ṣe máa wá di 0.2? Bí àyè ìwọ̀n tí ẹ ṣírò bá kéré ju ti àwọn tí ẹ fi ṣírò rẹ̀ lọ, ẹ padà sẹ́yìn.

Aláwọ̀ Irin: Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Iye nọ́ńbà lẹ́yìn pọ́ìntì ni àkọsílẹ̀ wa ń tẹ̀ lé: ọ̀kan, ±0.2, méjì, ±0.05. Ẹnìkan tún àwòrán náà yà lórí kọ̀ǹpútà, 12.50 sì di 12.5. Òdo kan ṣoṣo ló sọnù, àyè di ìlọ́po mẹ́rin!

Ìyá Kálípà: Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n ó kan ibí: níbi tí wọ́n bá ti ń ka nọ́ńbà, ẹ má ka ti èsì ìyọkúrò yín. Ẹ ka ti ohun tó wà lórí bébà.

Ayàwòrán: Èmi tí mo ń yà á, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ibì kan sílẹ̀ láìkọ. Ibẹ̀ ni mo ń da gbogbo ìyàtọ̀ sí. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ríìn máa jókòó lórí apá tó tẹ́ẹ́rẹ́, 30 ±0.1 ni màá kọ síbẹ̀ gan-an, màá sì yọ 50 kúrò lórí àwòrán. Àmọ́ mi ò mọ ohun tí ẹni tó ya tiyín ní lọ́kàn.

Bàbá Tọ́nà: Tó bá wá kọ 30 sínú àkámọ́ ńkọ́?

Ìyá Kálípà: Ìsọfúnni lásán ni ti inú àkámọ́, Bàbá. A kì í fi dá iṣẹ́ padà.

Bàbá Tọ́nà: Ẹ̀yin ló sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo wà, wọ́n ń fi dá a padà. Mi ò ní gé e ju ±0.2 lọ, kó má di wàhálà sí mi lọ́rùn.

Ọmọ Ṣáàfù: Mo ti fi ìṣirò 29.5 sí 30.5 han ẹni tó dá a padà. Ó ka a, ó ní ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ya àwòrán kọ ọ́ kóun tó fọwọ́ sí i. Ẹni yẹn ò tíì dáhùn.