Nọ́ńbà NAFDAC dé: kí lẹ kọ sábẹ́ fọ́tò?

Ìyá Olóko Gààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ kú iṣẹ́ o. Gààrí wa ti gba nọ́ńbà NAFDAC. Ohun tí mo kọ rè é: «Inú wa dùn láti kéde pé NAFDAC ti fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ wa. Ògo ni fún Ọlọ́run. Ibi gíga là ń lọ.» Ọmọ mi kà á, ó ní, «Màámi, ẹni tó ra mọ́tò tuntun náà lè lo èyí.» Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe kọ tiyín?

Ọlọ́ṣẹ, Ṣágámù
Ọpẹ́ nìkan lèmi kọ. Mi ò sọ pé a ṣe nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bú mi.

Olóyin, Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ kú oríire, mà. Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní NAFDAC?

Abánikọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
Mà, ọjà ni NAFDAC ń fún ní nọ́ńbà. CAC ló ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ní «ilé-iṣẹ́ wa», tẹ́ ẹ sì ń ta fùfú, oníbàárà á rò pé ó kan fùfú náà. Ẹ ò mọ̀, ẹ ti fọ́nnu nìyẹn.

Ọlọ́ṣẹ, wọn ò bú yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ẹnikẹ́ni bi yín léèrè ọṣẹ náà? Ọpẹ́ tí kò sọ oore tá a rí gbà, lásán ni.

Oníbàárà mi kan tó ń ṣe ẹ̀pà ní Ìpẹru kọ bíi tiyín. Mo bi í pé kí ló yí padà níbi iṣẹ́ kí nọ́ńbà tó jáde. Ó ní àwọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àwọn tún ilẹ̀ ṣe, àwọn fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ìyẹn la fi bẹ̀rẹ̀, torí Ínsítágíráàmù kì í fi ju ìlà bíi mélòó kan hàn kó tó gé e. Ìkíni ò gbọdọ̀ jẹ àyè yẹn. Tiyín ńkọ́, mà?

Ìyá Olóko Gààrí
A gbé ibi ìyan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, torí iyẹ̀pẹ̀ ara èèpo. Àwọn obìnrin tó ń yan ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí aṣàyẹ̀wò tó dé rárá. Ẹ wo èyí:

«Gààrí wa ti ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wò ó lára ọ̀rá tuntun. Kó tó jáde, a gbé ibi ìyan jìnnà sí ibi tá a ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa fò sínú agbada. Àwọn ìyá tó ń yan ló gbà wá nímọ̀ràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ Ọlọ́run.»

Ọlọ́ṣẹ
Háà! Wọ́n á ní a ti ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Abánikọ̀wé
Ó lóyè o. Ẹ yọ iyẹ̀pẹ̀, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ìyá Olóko Gààrí
Tí mo bá yọ ọ́, kí ló dé tá a fi gbé e? Ẹ jẹ́ n bi àwọn ìyá náà ná, fọ́tò wọn ni màá lò.

Olóyin
Ẹ má ṣáà gbé e síta lọ́sẹ̀ Ọjúde Ọba. Tèmi bọ́ sáàárín aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹṣin, ẹnì kan ò rí i.