Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó epo, Lẹ́kì sí Ìlọrin

"Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀. Ṣé iye kan náà ni ẹni tó bọ́ sílẹ̀ n'Ìbàdàn máa san?"

Ó ti yanjú, ẹ ṣé. Ẹni tó ní ká rọ epo kún táǹkì ká tó gbéra, ká tún rọ ọ́ kún bá a bá ti dé, ló là wá lọ́yẹ: epo ẹ̀ẹ̀kejì yẹn la jó, ₦30,000. Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ọ̀nà, la bá pín ₦15,000 sí mẹ́rin, ìyókù sí mẹ́ta. Ará Ìbàdàn san ₦3,750, àwa tó kù ₦8,750 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí awakọ̀ má san nítorí táyà rẹ̀, a ò tíì gbà fún yín o. Òun náà ṣáà ń lọ sílé.