Ẹrù pẹ́, ẹrù bàjẹ́, ímeèlì àforíjì dé: ẹ sọ bí ti yín ṣe rí

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ra àdìrẹ yáàdì mẹ́wàá lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, fún ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi. Ọjọ́bọ̀ ni ó ṣèlérí pé ẹrù yóò dé Ìbàdàn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a sọ ọmọ lórúkọ, ọjọ́ Ajé ni ẹrù tó wọlé, aró sì ti ṣàn láti ibi tó dúdú lọ sí ibi tó yẹ kó funfun. Mo fi àwòrán ránṣẹ́, ohun tí mo sì rí gbà ní ọjọ́ kejì nìyí:

"A kí yín, ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì. A gbọ́ pé ẹrù yín ní ìṣòro díẹ̀. Iṣẹ́ èṣù ni, dírẹ́bà ló sì dá ẹrù náà dúró. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bí yín nínú, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ bá tún ra ọjà lọ́wọ́ wa, a ó bá yín yọ díẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀. Olúwa yóò bù kún yín."

Lẹ́tà yìí bí mi nínú ju aṣọ náà lọ. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbí?

Baba Wálé: Ṣé Èṣù ló wa ọkọ̀ náà láti Abẹ́òkúta ni, àbí òun ló di ẹrù?

Ọmọ Ẹlẹ́pà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Èṣù sílẹ̀. "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bí yín nínú" ni èmi ń wò. Ẹni tó ba aṣọ ìkómọ jẹ́ tún ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá inú ń bí oníbàárà.

Àrẹ̀mú Aláró: Mọ̀ọ́mi, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe, mo sì ti kọ irú lẹ́tà yìí fún ìsọ̀ wa ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà, mo fẹ́ béèrè ohun kan tí ó yẹ kí oníṣòwò yẹn ti béèrè kí ó tó dárúkọ dírẹ́bà: nígbà tí ẹ gba ẹrù náà, ṣé láìlọ́ọ̀nù ìta tutù? Ṣé etí aṣọ nìkan ni aró ti ṣàn ni, tàbí ó tẹ̀ lé ojú ibi tí wọ́n ti ká a, títí dé àárín?

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Láìlọ́ọ̀nù náà gbẹ pátápátá. Gbogbo ojú ìká aṣọ ló ní àbàwọ́n, àárín ló sì burú jù. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ ló kọ́kọ́ lù mí nígbà tí mo tú u.

Àrẹ̀mú Aláró: A jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ dírẹ́bà ni ó ti bàjẹ́. Bí òjò bá pa ẹrù lójú ọ̀nà, ìta ni omi yóò ti wọlé, etí aṣọ ni yóò sì kọ́kọ́ bàjẹ́. Aṣọ tí aró rẹ̀ ṣàn láti àárín, tí ìta rẹ̀ sì gbẹ, aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí ó ṣì tutù ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ ṣan án títí omi rẹ̀ fi mọ́. Aró tí kò wọ inú òwú máa ń dúró lójú aṣọ, bí ọ̀rinrin bá sì ti wà níbẹ̀, yóò kó lọ sí ojú kejì tí ó fara kàn án. Nítorí náà, àforíjì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà ti jẹ́ irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀.

Dúró-gbọ́: Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ẹ rọra o. Lójú òfin, bí oníṣòwò bá ti gbé ẹrù lé dírẹ́bà lọ́wọ́ ní gáréèjì, ẹrù ti di ti oníbàárà nìyẹn. Àforíjì yẹn gan-an, àánú ni.

Títílayọ̀ Lọ́ńdọ̀nù: Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí o. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 ní Bìrìtìkó sọ pé ọrùn oníṣòwò ni ẹrù wà títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á, àfi bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò gbé e, tí kì í ṣe ẹni tí oníṣòwò mú wá. Èmi ra ìkòkò amọ̀ kan níbí, wẹ́wẹ́ ni ó dé, owó mi sì ti padà kí n tó ka lẹ́tà àforíjì wọn tán.

Àrẹ̀mú Aláró: Dúró-gbọ́ kò jìnnà sí òtítọ́. Òfin ọjà títà àtijọ́ tí a jogún máa ń ka fífi ẹrù lé agbẹ́rù lọ́wọ́ sí fífi lé oníbàárà lọ́wọ́, bí àdéhùn mìíràn kò bá sí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ni ìyẹn ń sọ. Aṣọ yìí ti ní àléébù kí ó tó kúrò ní ìsọ̀, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà sì fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tí kò lábùkù.

Ìyá Sáléètì: Ẹ̀yin tí ẹ ń dá oníṣòwò lẹ́bi, oníbàárà kan fi àwòrán bàtà tó ya ránṣẹ́ sí mi, ó gba owó rẹ̀ padà, mo sì wá rí bàtà tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gún régé. Ṣé gbogbo ẹni tó bá ti fi àwòrán ránṣẹ́ ni a ó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ọmọ Ẹlẹ́pà: Ìyá Sáléètì, bàtà ni tiyín, aṣọ ìkómọ ni a ń sọ.

Àrẹ̀mú Aláró: Ọ̀rọ̀ Ìyá Sáléètì ní ìtumọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè fún àwòrán láìlọ́ọ̀nù ìta, ti inú, àti ti àbàwọ́n fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń purọ́ kì í sábà ní ti láìlọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo bá ti rí i, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ̀yin ìyá wa, ọjọ́bọ̀ ni a ṣèlérí àdìrẹ yáàdì mẹ́wàá fún yín, ọjọ́ Ajé ni ó dé, ìkómọ sì ti kọjá. Aró rẹ̀ ṣàn nítorí pé a ká aṣọ náà kí ó tó gbẹ. Ọ̀dọ̀ wa ni àṣìṣe yìí ti wá. Mo tọrọ àforíjì. Ní àárọ̀ òní, mo dá gbogbo owó aṣọ àti owó ọkọ̀ padà sínú àpò ìfowópamọ́ tí ẹ fi sanwó. Ẹ má ṣe wàhálà láti dá aṣọ náà padà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ òmíràn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, n ó sì sọ ọjọ́ tí yóò dé fún yín lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ, kì í ṣe ṣáájú."

Mo máa ń fi owó ránṣẹ́ kí n tó kọ ọ́, nítorí "a ó dá owó padà" ti di ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kì í gbà gbọ́ mọ́. N kò sì ní fi ẹ̀dínwó ọjà mìíràn ṣe ẹ̀bẹ̀. Ta ni yóò tún ra aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ nígbà tí kò tíì yanjú rẹ̀?

Alàgbà Fáṣọlá: Ó dára, àmọ́ ìwà àfojúdi ni kí ọmọdé máa fi ímeèlì bẹ àgbàlagbà. Kí ó pe ìyá náà lórí fóònù, kí ó kúnlẹ̀ níbi tó wà kí ó tó sọ̀rọ̀.

Baba Wálé: Bàbá, ta ni yóò rí i pé ó kúnlẹ̀ lórí fóònù?

Alàgbà Fáṣọlá: Ohùn rẹ̀ ni a ó fi mọ̀.

Títílayọ̀ Lọ́ńdọ̀nù: Kí ó pè, kí ó sì tún kọ ọ́, bàbá. Bó bá jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, kí ni ìyá yóò fi hàn bí wọ́n bá sẹ́ lọ́la?

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Mo fi àlàyé Àrẹ̀mú lórí àárín aṣọ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ti fèsì. Wọn kò dárúkọ dírẹ́bà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dá aṣọ padà, kí n sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ fúnra mi.

Dúró-gbọ́: Ìyẹn ò burú. Wọ́n ní láti rí ọjà wọn.

Ọmọ Ẹlẹ́pà: Kí ẹni tó jẹ gbèsè wá tún máa gba owó ọkọ̀? Ẹ má san án o.

Ìyá Sáléètì: Kí wọ́n pín in sí méjì.

Ìyá Ìbejì Bódìjà: N kò tíì mọ èyí tí n ó ṣe. Àrẹ̀mú, bí mo bá fi omi tútù fọ̀ ọ́, ṣé ibi funfun yẹn yóò padà?

Àrẹ̀mú Aláró: Yóò fúyẹ́ díẹ̀ bí ẹ bá ń pààrọ̀ omi léraléra, ṣùgbọ́n kò ní funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má tíì fi omi kàn án rárá, Mọ̀ọ́mi. Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, wọn yóò ní ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí aró rẹ̀ ṣàn.