Òpó 8 ni àbí 9? Ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bódìjà níbí ni mo wà. Ọmọ mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò wálé, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn ìwé. Ìbéèrè 7 ní: "Ọgbà kan gùn ní mítà 24. Wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta. Òpó mélòó ni?" A fi igi ìṣáná tò ó sórí tábìlì, 9 ló jáde, torí òpó ìbẹ̀rẹ̀ náà ní láti wà níbẹ̀. Ìwé ní 8.

Mo kọ́kọ́ pè é ní àṣìtẹ̀. Àmọ́ ní ìbéèrè 8, igi ni wọ́n gbìn sétí ọ̀nà tó gùn ní mítà 30, ní mítà márùn-ún-márùn-ún. Ìwé ní 7. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé à ń ka ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, nìyẹn. Ni mo bá to igi ìṣáná náà yíká, kí orí àti ìdí pàdé. Òpó àkọ́kọ́ náà ló tún di ti ìkẹyìn: 8 géérégé!

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ò sọ pé ọgbà náà yíká. Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé bí 8 ṣe bá ọ̀nà kejì mu yìí tó láti fi sọ pé ìbéèrè ló lójú méjì, tí kì í ṣe àṣìtẹ̀? Àbí kí ọmọ ya àwòrán méjèèjì, kó kọ 8 àti 9 sí i?